Ìtọ̀ 90 láti aago mẹ́wàá sí aago méjì: ṣé kí n gún magísọ́ọ̀fù yìí àbí kí n dá a dúró? Ọ̀la ni ìdánwò mi

Àbẹ̀kẹ́_Nọ́ọ̀sì · 8:52 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ̀la ni ìdánwò ìtọ́jú aboyún wa, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ ni ìbéèrè kan ti dá mi dúró sójú kan, mo sì ti yí ìdáhùn rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ti mú iná lọ láti aago méje, iná fóònù ni mo fi ń kàwé lórí ibùsùn, mo bo aṣọ lé e kí ìmọ́lẹ̀ má baà jí Tóyìn tó ti sùn. Inú ìwé ìbéèrè àtijọ́ tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa fi sílẹ̀ ni mo ti rí i. Ẹnì kan fi bírò pupa fa igi sábẹ́ A, ẹlòmíì fi búlúù fa igi sábẹ́ C. Èmi sì ń wo B.

Ìbéèrè náà nìyí, mo ti sọ ọ́ di Yorùbá:

Ọmọbìnrin ọdún 19 kan, oyún àkọ́kọ́ ló ní, gìrì aboyún mú un nílé. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, wọ́n fún un ní magísọ́ọ̀fù àkọ́kọ́ ní aago mẹ́wàá àárọ̀: gíráàmù 4 sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, gíráàmù 10 sínú ẹran ìdí, 5 lápá ọ̀tún, 5 lápá òsì. Aago méjì ọ̀sán ti lù, gíráàmù 5 tó kàn ti tó gún. O yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ń mí nígbà 16 ní ìṣẹ́jú kan. O gbá orúnkún rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ fò sókè díẹ̀. Ìtọ̀ inú àpò kátítà láti aago mẹ́wàá jẹ́ mílílítà 90. Ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 150/100. Kí lo máa kọ́kọ́ ṣe?

A, gún abẹ́rẹ́ náà lásìkò. B, dá a dúró, kí o sì pe dókítà. C, fún un ní kálísíọ́ọ̀mù glúkónéètì. D, jẹ́ kí dírípù rẹ̀ yára kí ìtọ̀ lè pọ̀.

Bí mo ṣe rò ó nìyí. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ní ká wò ká tó gún un: mímí kò gbọdọ̀ kéré sí 16, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ fò bí a bá gbá orúnkún, ìtọ̀ kò gbọdọ̀ kéré sí 30. Mímí rẹ̀ 16, ó pé. Ẹsẹ̀ fò. Ìtọ̀ 90, ó ju 30 lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Mo fa igi sábẹ́ A, mo ṣí ìwé sí ojú ewé tó kàn. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò lọ. Mo ń bi ara mi pé, kí ló dé tí ẹni tó kọ ìbéèrè yìí fi ṣe wàhálà kọ “láti aago mẹ́wàá”? Mo padà. Ìgbà náà ni mo rántí pé 30 yẹn, ti wákàtí kan ṣoṣo ni. Láti aago mẹ́wàá sí aago méjì, wákàtí mẹ́rin ni. Mo pín 90 sí mẹ́rin, ó fún mi ní 22 àti ààbọ̀. Kò tó.

Mo wá yí i sí B. Kò pẹ́, ẹ̀rù tún bà mí. Gìrì ti mú obìnrin yìí lẹ́ẹ̀kan. Oògùn yìí ló ń dá a dúró. Bí mo bá fà á sẹ́yìn tí gìrì tún mú un, ṣé kì í ṣe èmi ni mo fà á? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó.

---

Kọ́lá_Ọdún_Kẹta · 9:03 alẹ́

Àbẹ̀kẹ́, A ni o. Èmi náà ṣe ìbéèrè yìí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Orúnkún ni olórí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí magísọ́ọ̀fù bá ti pọ̀ jù lára, orúnkún ló kọ́kọ́ ń dákẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mímí máa ń dín, lẹ́yìn náà ni ọkàn. Wọ́n ti sọ fún ọ pé ẹsẹ̀ ṣì ń fò. Ìyẹn ni pé oògùn kò tíì pọ̀ jù. Ìtọ̀ tó kéré kì í ṣe àmì májèlé, kò sí ẹni tí ìtọ̀ díẹ̀ pa láàárín wákàtí mẹ́rin. Gún un kí gìrì má padà wá.

---

Bọ̀dá_Ṣẹ́gun · 9:11 alẹ́

Èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí mi. Nígbà tí ibà dá mi gúnlẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ìtọ̀ mi kéré, ó pọ́n bí epo. Dókítà ní omi ló tán lára mi. Wọ́n fi dírípù mẹ́ta sí mi lára kí ilẹ̀ tó mọ́, ìtọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Nítorí náà, D lèmi máa mú. Ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ kò jáde, omi ni kí wọ́n fún un. Báwo ni ìyẹn ṣe ta kókó?

---

Ìyá_Agbẹ̀bí · 9:30 alẹ́

Ẹ kú ìjókòó o. Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi gbẹ̀bí, ìdajì rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù tí àwọn tí gìrì mú máa ń dé. Mo rántí kí magísọ́ọ̀fù tó dé ọ̀dọ̀ wa. Dáyásípáàmù la ń fún wọn nígbà náà. Obìnrin á sùn fọnfọn títí ilẹ̀ á fi mọ́, ọmọ á jáde, á rọ jọwọrọ, kò ní ké. Ọdún 1995 ni èsì ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ jáde, tó fi hàn pé magísọ́ọ̀fù ń dènà kí gìrì tún padà wá ju dáyásípáàmù lọ. Mo sọ èyí kí ẹ mọ̀ pé mi ò kórìíra oògùn yìí. Mo ti rí i tó ń gba ẹ̀mí là.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, ìṣirò rẹ tọ̀nà. B ni. Ẹ̀rù tó ń bà ọ́ yẹn ni mo fẹ́ ká jọ tú palẹ̀, torí òun ló ń mú àwọn ọmọ yí B padà sí A lọ́wọ́ ìparí.

O rò pé bí o bá dá abẹ́rẹ́ dúró, oògùn ti tán lára obìnrin náà nìyẹn. Bi ara rẹ léèrè: ibo ni magísọ́ọ̀fù ń gbà jáde lára ènìyàn? Kò ní ọ̀nà mìíràn tó ṣe gúnmọ́ ju kíndìnrín lọ. Inú ìtọ̀ ló ń bá lọ. Ìdí tí a fi ń gún un ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin ni pé a retí pé láàárín wákàtí mẹ́rin, púpọ̀ nínú ti ìṣáájú á ti bá ìtọ̀ jáde, ká wá fi gíráàmù 5 dí àlàfo. Obìnrin tìrẹ kò tọ̀ tó. Àlàfo tó yẹ kó wà kò sí níbẹ̀. Ohun tí wọ́n gún sí i ní aago mẹ́wàá ṣì wà lára rẹ̀ níye, ó ṣì ń bá a dá gìrì dúró. Bí o bá tún da 5 lé e lórí, o ń bomi sí agbada tó ti kún, tí ihò ìdí rẹ̀ sì ti dí. Nítorí náà, ẹni tó dá a dúró kò gba oògùn lọ́wọ́ obìnrin náà. Oògùn wà lára rẹ̀.

Kọ́lá, ohun tí o sọ nípa orúnkún dára, bó ṣe ń tẹ̀ lé ara nìyẹn lóòótọ́. Òótọ́ tún ni pé ìtọ̀ díẹ̀ kì í ṣe àmì pé oògùn ti pọ̀ jù. Ibi tí o ti ṣìnà ni pé o dúró níbẹ̀. Orúnkún ń sọ fún ọ ibi tí oògùn dé ní aago méjì. Ìtọ̀ ló ń sọ fún ọ ibi tó máa dé ní aago mẹ́rin. Tún ka ìbéèrè náà, wọn kò sọ pé ẹsẹ̀ fò dáadáa, “díẹ̀” ni wọ́n kọ. Mímí jẹ́ 16 géérégé, kò lé ẹyọ kan. Ẹni tó kọ ọ́ gbé obìnrin náà sí etí bèbè ní ọ̀nà méjì, ó wá fi ẹ̀kẹta tì í kọjá.

Bọ̀dá Ṣẹ́gun, ẹ ṣeun, inú mi dùn pé ara yín yá. Ṣùgbọ́n omi ló tán lára yín, omi kò tán lára obìnrin yìí. Àìsàn rẹ̀ ló mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa jò, omi ń ya kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ bọ́ sínú ẹran, ìdí nìyẹn tí ojú àti ẹsẹ̀ wọn fi ń wú. Bí ẹ bá sáré da dírípù sí i, ibi tí omi náà máa lọ ni ẹ̀dọ̀fóró. Mo ti rí i rí: obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wú ikọ́ ìfóòfó, kò lè dùbúlẹ̀, ó ń bẹ̀ wá pé ká gbé òun jókòó. Dírípù wọn, díẹ̀díẹ̀ là ń ṣe é, a sì ń kọ gbogbo ohun tó wọlé àti ohun tó jáde sílẹ̀.

---

Màmá_Ìbejì_Òṣogbo · 9:38 alẹ́

Ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Ṣé magísọ́ọ̀fù yìí náà ni iyọ̀ Épúsọ́ọ̀mù tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn? Àbúrò mi lóyún oṣù méje, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ẹnì kan ní kó máa pò ó mọ́ omi mu láàárọ̀ kí gìrì má baà mú un. Ó ti mu ún ní ọjọ́ méjì.

---

Ìyá_Agbẹ̀bí · 9:44 alẹ́

Màmá Ìbejì, ẹ pè é báyìí, ẹ ní kó má mu ún mọ́. Orúkọ wọn jọra nítorí pé nǹkan kan náà ni wọ́n jẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí ènìyàn mu, ìgbẹ́ gbuuru ló ń fà, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń wọnú ẹ̀jẹ̀, kò lè dènà gìrì. Ohun tó kàn án ni kó lọ wọn ìfúnpá rẹ̀, kí wọ́n sì yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò bóyá púrótéènì wà níbẹ̀. Lọ́la, kó má di ọ̀tunla. Bí orí bá ń fọ́ ọ gidi, tàbí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, tàbí ibi ẹ̀gbẹ́ ìha rẹ̀ lókè ikùn ń dùn ún, ẹ gbé e lọ lálẹ́ yìí.

---

Màmá_Ìbejì_Òṣogbo · 9:47 alẹ́

Orí ń fọ́ ọ láti àná. Mo ń pe ọkọ rẹ̀ báyìí. Ẹ ṣeun mà.

---

Àbẹ̀kẹ́_Nọ́ọ̀sì · 9:52 alẹ́

Ọlọ́run á bá wọn ṣọ́ ọ, Màmá Ìbejì.

Ẹ ṣeun gan-an mà. Ọ̀rọ̀ agbada yẹn ló tú mi sílẹ̀. Mo rò ó padà láti ìbẹ̀rẹ̀: kì í ṣe pé mo ń wá ọ̀nà láti gún un, mo ń wá bóyá àyè wà fún un. Ṣùgbọ́n C ṣì ń yọ mí lẹ́nu. Bí oògùn bá ti fẹ́ máa pọ̀ jù, kí ló dé tí mi ò fi ní fún un ní kálísíọ́ọ̀mù lẹ́ẹ̀kan náà kó má baà bàjẹ́? Ẹni tó fi bírò búlúù kọ ọ́ kò lè jẹ́ òpè.

---

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́_Mánṣẹ́sítà · 10:05 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o. Ilé ni mo wà lónìí, mi ò sí lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́ọ̀dù ìrọbí ni mo wà ní Mánṣẹ́sítà, mo sì ti ṣiṣẹ́ nílé ní Nàìjíríà kí n tó wá.

Àbúrò, kálísíọ́ọ̀mù ni ẹ̀rọ̀ rẹ̀, òótọ́ ni, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ló sì yẹ kó wà ní gbogbo ìgbà tí o bá ń fún ènìyàn ní magísọ́ọ̀fù: mílílítà 10 èyí tó jẹ́ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, díẹ̀díẹ̀ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tí mímí bá ti ń kùnà là ń lò ó. Obìnrin tìrẹ ń mí 16. Bí o bá fún un báyìí, nǹkan kan kò tíì bàjẹ́ tí o máa tún ṣe, o sì ti ń bá oògùn tó ń dá gìrì dúró jà. Fà á sínú síríńjì tàbí kí o gbé e sí ìtòsí, má fún un.

Èyí tí mo fẹ́ fi kún un ni pé ní ibí, ẹ̀rọ ló ń tì í wọnú iṣan ẹ̀jẹ̀, gíráàmù kan ní wákàtí kan. Bí ìtọ̀ bá dín, mo lè na ọwọ́ kí n pa ẹ̀rọ náà, ó parí nìyẹn. Nílé, inú ẹran ìdí là ń gún un sí. Gíráàmù 5 tó bá ti wọ ìdí, kò sí bọ́tìnì tí ẹnikẹ́ni máa tẹ̀ tí yóò fà á jáde. Yóò máa rìn wọnú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó fẹ́, ó kọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nílé gan-an ni B ti lágbára jù. Ìṣẹ́jú tí o wà pẹ̀lú síríńjì lọ́wọ́ ni àyè ìkẹyìn tí o ní.

---

Kọ́lá_Ọdún_Kẹta · 10:14 alẹ́

Ó dáa, mo gbà pé mo yára. Mi ò ronú pé ìdí kò ní bọ́tìnì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín, ṣé a óò wá dá a dúró títí láé ni? Ìwé ní ká fún un títí wákàtí 24 lẹ́yìn ìbímọ tàbí lẹ́yìn gìrì ìkẹyìn, èyí tó bá pẹ́ jù nínú méjèèjì. Ìbéèrè kò sọ bóyá ó ti bí.

---

Ìyá_Agbẹ̀bí · 10:31 alẹ́

Kò sí ẹni tó ní títí láé. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé ni kí a dá a dúró tàbí kí a sún un síwájú. O ti pe dókítà, o kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, o ń ka mímí rẹ̀, o ń gbá orúnkún, o ń wo àpò ìtọ̀. Bí ìtọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá dáadáa tí ẹsẹ̀ ń fò, dókítà á ní kí o gún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí kò sí nínú ìdánwò yín. Ní ọdún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di nọ́ọ̀sì, ní ọsibítù kan tí mi ò ní dárúkọ, mo dé ìdí obìnrin kan ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, mílílítà 20 péré ló wà nínú àpò rẹ̀ láti aago mọ́kànlá. Ọkàn mi fò. Mo sáré pe ẹ̀gbọ́n wa tó ń ṣe olórí wọ́ọ̀dù lóru náà. Kò bá mi sọ nǹkan kan. Ó gbé aṣọ tó bo obìnrin náà kúrò, ó fi ọwọ́ tọ rọ́bà kátítà láti àpò lọ sókè, ó bá a lábẹ́ itan. Obìnrin náà ti yí, ó ti fi itan tẹ rọ́bà náà pa. Ẹ̀gbọ́n ní kó gbé ẹsẹ̀. Ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wọnú àpò lójú mi, a gbọ́ ọ gan-an, ó lé ní igba mílílítà. Láti ọjọ́ náà, bí ìtọ̀ bá kéré, n óò kọ́kọ́ tọ rọ́bà kí n tó gbàgbọ́. N óò tún béèrè pé ta ló da àpò yìí nù kẹ́yìn, aago mélòó. Bí ẹnì kan bá ti dà á nù ní aago méjìlá tí kò kọ ọ́ sílẹ̀, 90 rẹ kì í ṣe ti wákàtí mẹ́rin mọ́.

Nínú ìdánwò, gba iye tí wọ́n fún ọ. Má tọ rọ́bà kankan lórí ìwé.

---

Àbẹ̀kẹ́_Nọ́ọ̀sì · 10:40 alẹ́

Mo ti kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé mi. Mà, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé orúnkún kò fò lóòótọ́? Ní ọjọ́ tí mo gbìyànjú rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, mo gbá a lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ẹsẹ̀ kò mira, mo ti ń làágùn. Ẹlẹgbẹ́ mi wá gbá a lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ fò.

---

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́_Mánṣẹ́sítà · 10:52 alẹ́

Ó ṣeé ṣe kí obìnrin náà ti le ẹsẹ̀ pa. Bí orúnkún bá nà gbọọrọ lórí ibùsùn, wàá gbá a títí ni. Ki apá òsì rẹ bọ abẹ́ orúnkún méjèèjì, gbé wọn sókè díẹ̀ kí wọ́n tẹ̀, kí ìwúwo ẹsẹ̀ wà lórí apá rẹ. Fi ọwọ́ wá iṣan tó le lábẹ́ egungun orúnkún, ibẹ̀ gan-an ni kí o gbá. Tí o kò bá ní òòlù rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ rẹ tó. Bó bá ṣì dákẹ́, ní kí ó fi ìka ọwọ́ méjèèjì kọ́ ara wọn, kí ó fà wọ́n bí ẹni tó ń fa okùn, kí o wá gbá a nígbà tó ń fà. Ọkàn rẹ̀ á kúrò lẹ́sẹ̀.

Ohun kan tún wà. Ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tí wọ́n gún abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ara mọ ìrora sí lẹ́yìn, orúnkún rẹ̀ kò ní fò, magísọ́ọ̀fù kọ́ ló ṣe é. Ìgbọ̀nwọ́ là ń gbá fún irú wọn. Mo ti rí ìdánwò tó bi ìyẹn rí.

---

Ìbùkún_Ìlọrin · 11:06 alẹ́

Ẹ má bínú, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka gbogbo rẹ̀ ni. Ìbéèrè yìí wà nínú ìwé tiwa náà, ohun gbogbo rí bákan náà, àfi pé 110 ni ìtọ̀ tiwa, kì í ṣe 90. A sì ti jà lé e lórí. Bí mo bá pín 110 sí mẹ́rin, 27 àti ààbọ̀ ni, kò tó 30, B nìyẹn. Ṣùgbọ́n olùkọ́ wa ní A ni, pé 110 ju 100 lọ. Níbo ni 100 ti wá?

---

Ìyá_Agbẹ̀bí · 11:20 alẹ́

Háà. Ìyẹn ni ìbéèrè gidi. Olùkọ́ yín kò parọ́. Ìlànà tó ti pẹ́, èyí tí a fi gún un sínú ìdí láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun tó sọ ni pé ìtọ̀ wákàtí mẹ́rin tó kọjá gbọ́dọ̀ ju 100 lọ. Ìwé Àjọ Ìlera Àgbáyé ló sọ 30 ní wákàtí kan, fún wákàtí mẹ́rin, ìyẹn 120. Ẹni tó bá ní 90, ìlànà méjèèjì ló kọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ní 130, méjèèjì ló gbà á. Èyí tó bọ́ sí àárín 100 àti 120 ni wàhálà wà.

Ní wọ́ọ̀dù, pẹ̀lú mímí 16 àti ẹsẹ̀ tó ń fò díẹ̀, èmi ò ní gún 110 yẹn ní aago méjì. N óò sún un síwájú, n óò pe dókítà, n óò tún un wò ní aago mẹ́ta. Bí ẹsẹ̀ bá ń fò dáadáa tí mímí sì jẹ́ 20, ó ṣeé ṣe kí dókítà ní kí n gún un, mi ò sì ní bá a jà.

---

Kọ́lá_Ọdún_Kẹta · 11:24 alẹ́

Ìdánwò kò ní jẹ́ kí a tún un wò ní aago mẹ́ta o, mà. Ẹyọ kan la máa fa igi sí. Àwọn tó ń ṣètò ìdánwò, ìwé wo ni wọ́n ń lò?

---

Ìbùkún_Ìlọrin · 11:27 alẹ́

Ohun tí mo ń béèrè gan-an nìyẹn. Ẹgbẹ́ kìíní wa lo 30. Olùkọ́ wa lo 100. Èmi ṣì wà lórí B, torí ẹni tó dúró wákàtí kan kò pa obìnrin náà lára.

---

Kọ́lá_Ọdún_Kẹta · 11:29 alẹ́

Bí gìrì bá mú un ní wákàtí yẹn ńkọ́? Mo mọ ohun tí Mà sọ nípa agbada. Ṣùgbọ́n 110 kò jìnnà sí 120. Agbada yẹn kò dí tán.

---

Màmá_Ìbejì_Òṣogbo · 11:33 alẹ́

A ti wà ní ọsibítù. Ìfúnpá rẹ̀ 160/110, púrótéènì wà nínú ìtọ̀. Wọ́n ti dá a dúró síbí. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fún un ní abẹ́rẹ́ kan, mo béèrè orúkọ rẹ̀, ohun tí ẹ ń sọ láti ìrọ̀lẹ́ yìí náà ni. Mo bi nọ́ọ̀sì náà bóyá wọ́n á máa wọn ìtọ̀ rẹ̀. Ó wò mí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ní ta ló sọ fún mi.

---

Àbẹ̀kẹ́_Nọ́ọ̀sì · 11:41 alẹ́

Màmá Ìbejì, mo ka ọ̀rọ̀ yín, ara mi bù máṣọ. Ẹ máa wo rọ́bà yẹn kó má baà wọ abẹ́ itan.

Mo ti fa igi sábẹ́ B, mo kọ ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú léèdì kí ọmọ ọdún tó ń bọ̀ má baà bá ìdáhùn mẹ́ta láìsí àlàyé: 90 ÷ 4 = 22.5, oògùn aago mẹ́wàá kò tíì jáde, ìdí kò ní bọ́tìnì. Ti 110, mi ò mọ èyí tí mo máa mú bó bá jáde lọ́la. Ìwé tí ilé ẹ̀kọ́ wa ń lò sọ 30, nítorí náà 30 ni mo máa lò. Bí a bá jáde, n óò lọ bá olùkọ́ wa pẹ̀lú ìwé méjèèjì.

Wọ́n ti mú iná dé. Tóyìn ti jí, ó ń béèrè pé ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbá orúnkún kí n tó sùn.